Áyọ́ọ̀nù kọ́ńdọ̀: ṣé ìyẹ́ dọ́là 5 lọ́nà méjì ni, àbí ìyẹ́ dọ́là 10 ẹyọ kan?

Títílọlá_Ọjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Áyọ́ọ̀nù kọ́ńdọ̀ kan ni mo fẹ́ ṣí lórí SPY, ọjọ́ 45 ló sì kù kí ọ́pṣọ̀n náà parí. Kí ìṣirò má bàa le, ẹ jẹ́ ká ní SPY wà ní 500 géérégé. Púùtù 470 àti kọ́ọ̀lù 525 ni mo fẹ́ tà, ìyẹn kò ṣòro fún mi. Ìyẹ́ tí màá rà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mi ò mọ bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó.

Bí mo bá ra púùtù 465 àti kọ́ọ̀lù 530, dọ́là 1.30 ló máa wọlé fún mi lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ṣíà 100 ló sì wà nínú kọ́ńdọ̀ kan. Bí mo bá sún ìyẹ́ jìnnà, tí mo ra 460 àti 535, ó di 2.30. Owó tí mo lè fi wewu kò ju dọ́là 800 lọ, nítorí náà mo lè ṣí méjì nínú ti dọ́là 5, tàbí ẹyọ kan nínú ti dọ́là 10. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé ọ̀kan náà ni lóòótọ́? Àti pé láti iye wo dé iye wo ni SPY gbọ́dọ̀ wà kí n má bàa pàdánù?

Ọmọ_Ìṣirò

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ti dọ́là 5 ló dáa jù. Wò ó: méjì nínú rẹ̀ máa mú dọ́là 260 wọlé, ẹyọ kan ti dọ́là 10 máa mú 230. Tí gbogbo rẹ̀ bá bàjẹ́, 740 ni wàá pàdánù nínú ti àkọ́kọ́, 770 nínú ti èkejì. Owó tó ń wọlé pọ̀ jù, owó tó lè lọ sì kéré jù. Kí ló tún kù?

Ní ti ibi tí SPY gbọ́dọ̀ wà, láàárín 470 sí 525 ni. Tó bá ti jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pẹ́rẹ́, o ti pàdánù nìyẹn.

Bàbá Délítà

Àbúrò mi Ìṣirò, àwọn iye owó tí o kọ yẹn tọ́. Ìdáhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò tọ́, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà kò pé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ààlà. Owó tí wọ́n san fún ọ nígbà tí o ṣí i ló ń sún ààlà síta. Ní ti ìyẹ́ dọ́là 5, yọ 1.30 kúrò lára 470, o máa rí 468.70. Fi 1.30 kún 525, o máa rí 526.30. Ní ti ìyẹ́ dọ́là 10, 2.30 ni wàá yọ tí wàá sì fi kún un, ó di 467.70 sí 527.30. Ibi tí SPY bá parí sí lọ́jọ́ ìparí ni ààlà yìí ń sọ. Ó lè já wálẹ̀ dé 462 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó sì padà sí 490 kó tó parí, gbogbo owó náà ṣì máa jẹ́ tìẹ. Àmọ́ láàárín ìgbà yẹn, àkáǹtì rẹ máa pupa, àyà rẹ sì máa já.

Tún rántí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló lè bàjẹ́ lọ́jọ́ ìparí. SPY kò lè wà lábẹ́ 470 kó tún wà lókè 525. Ìdí nìyẹn tí búrókà fi ń di owó ẹ̀gbẹ́ kan mọ́lẹ̀, tí kì í di ti méjèèjì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyẹ́. Ẹ má wo ìgbẹ̀yìn méjèèjì nìkan, ìyẹn èrè tó ga jù àti àdánù tó burú jù. Ẹ wo àárín wọn. Ká ní SPY parí sí 467. Méjì ti dọ́là 5 máa pàdánù 340. Ẹyọ kan ti dọ́là 10 máa pàdánù 70 péré. Ká ní ó parí sí 465 gan-an: ti dọ́là 5 ti pàdánù gbogbo 740 rẹ̀, ti dọ́là 10 ṣì wà ní 270. Ó dìgbà tí SPY bá já dé nǹkan bí 460.30 kí àwọn méjèèjì tó pàdánù iye kan náà. Láti 460 lọ sísàlẹ̀, dọ́là 30 ni ti dọ́là 10 fi burú jù.

Nítorí náà, dọ́là 30 tí Ìṣirò ń wò pé ó jẹ́ èrè ọ̀fẹ́ yẹn, owó ọ̀nà ni. Wọ́n san án fún ọ kí o lè gbà láti kán sí méjì níbi tí ẹni tó ní ìyẹ́ fífẹ̀ ṣì ń mí.

Rọ́límí

Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé inú ìyẹ́ gan-an ni èrè ti ń wá? Ẹnì kan kọ́ mi pé tí ọjà bá ti fò dé ibi ìyẹ́, ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé, pé ká gbé e sítòsí kó lè tètè dé ibẹ̀. Èmi tiẹ̀ ti ṣe ọ̀kan báyẹn, tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Bàbá Délítà

Rọ́límí, ìwọ ra èyí tó wà nínú, o sì ta èyí tó wà níta. Odì-kejì ohun tí Títílọlá ń ṣe nìyẹn. Ìwọ sanwó kí ọjà lè fò, òun gbowó kí ọjà lè jókòó. Èrè rẹ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò bá ìbéèrè yìí mu.

Títílọlá_Ọjà

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ti ààlà ti yé mi. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Ìṣirò, bí ìyẹ́ bá ṣe ń dín ni owó tó ń wọlé ń pọ̀ sí i. Kí ló dé tí mi ò kúkú ṣí mẹ́wàá tí ìyẹ́ wọn jẹ́ dọ́là 1? Mo wò ó, 0.28 ni wọ́n ń san lórí ẹyọ kan.

Bàbá Délítà

Ìyẹn máa jẹ́ 280 lórí mẹ́wàá, àdánù rẹ ò sì ní ju 720 lọ. Lórí ìwé, ó dáa ju gbogbo wọn lọ. Wá ka iye kọ́ńtíráàtì. Kọ́ńdọ̀ kan ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, wàá sanwó láti ṣí wọn, wàá tún sanwó láti pa wọ́n dé. Bí búrókà bá ń gba 0.65 lórí kọ́ńtíráàtì kan, kọ́ńdọ̀ kan jẹ́ 5.20 lálọ-lábọ̀. Mẹ́wàá jẹ́ 52. Nínú 280 rẹ, 228 ló kù. Ẹyọ kan ti dọ́là 10 ní tirẹ̀ ti yọ 5.20, ó ku 224.80. Gbogbo èrè tí o rò pé o rí ti di dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì díẹ̀.

Èyí tó tún ń jẹ owó ju kọmíṣọ̀n lọ ni àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n fẹ́ rà á àti iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Bí o bá pàdánù sẹ́ǹtì 2 péré lórí kọ́ńdọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí o ń ṣí i, dọ́là 20 ni lórí mẹ́wàá, dọ́là 2 ni lórí ẹyọ kan. Tí SPY bá sì parí sí 469, ìyẹn dọ́là 1 péré lábẹ́ ibi tí o tà sí, 720 ti lọ. Níbẹ̀, ẹni tó ní ìyẹ́ dọ́là 10 ṣì ń jèrè 130.

Ọmọ_Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà lórí ti àárín yẹn, mi ò wò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Délítà, tí a máa ń fi díwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ọjà parí kọjá ibi tí a tà sí, wà ní 16 fún púùtù 470, ó wà ní 14 fún kọ́ọ̀lù 525. Ìyẹn fi hàn pé nínú ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 70 ni ọjà máa parí sáàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹ́ dọ́là 5 ń fi 370 wewu kó lè jẹ 130. Kí owó tó lè bára mu, ó gbọ́dọ̀ jẹ nígbà 74 nínú 100. Ìgbà 70 kò tó 74! Ṣé kì í ṣe òwò àdánù nìyí látìbẹ̀rẹ̀?

Bàbá Délítà

Ìbéèrè gidi nìyí. 74 rẹ yẹn ń rò pé méjì péré ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀: kí o jẹ gbogbo rẹ̀ tàbí kí o pàdánù gbogbo rẹ̀. 70 rẹ sì jẹ́ ìgbà tí o máa jẹ gbogbo rẹ̀ nìkan. Láàárín 470 sí 468.70 o ṣì ń jèrè díẹ̀, láàárín 468.70 sí 465 o ń pàdánù díẹ̀ tàbí púpọ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí o bá ka gbogbo àárín yẹn mọ́ ọn, àwọn nọ́ńbà méjèèjì á pàdé.

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà rí i kíákíá. Pín owó tó wọlé sí fífẹ̀ ìyẹ́. 1.30 nínú 5 jẹ́ 26 nínú 100. Ìyẹn ni èrò ọjà fúnra rẹ̀ nípa bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí SPY parí síbi tó máa bù ọ́ jẹ, tí a bá mú ìdajì-ìdajì ibi tó wà láàárín sítíráíkì tí o tà àti èyí tí o rà. Ti dọ́là 10 jẹ́ 23 nínú 100. Àwọn èèyàn máa ń rí 23 yẹn, wọ́n á ní ìyẹ́ fífẹ̀ kò sanwó dáadáa. Ó kéré nítorí pé ó ń wo ibi tó jìnnà sí 500, ibẹ̀ kò sì rọrùn fún ọjà láti dé. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ.

Fún ìdí yìí, kò sí ìyẹ́ kankan tó ń dá èrè sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí iye tí wọ́n tà á bá tọ́, owó tó wọlé àti owó tó lè jáde dọ́gba kí kọmíṣọ̀n tó dé. O máa jèrè bí ọjà bá mì kéré sí bí wọ́n ṣe fowó sí i lọ́jọ́ tí o ṣí i. Ìyẹ́ kàn ń sọ bí àdánù rẹ ṣe máa dé ni: kó dé lẹ́ẹ̀kan náà gbàmù, tàbí kó máa rọra dé.

Ìyá Ìbejì K

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí mo rí i pé ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìyẹ́ máa ń dáàbò bo èèyàn nígbà gbogbo. Tèmi, irú ti Títílọlá yìí gan-an ni, ìyẹ́ dọ́là 10. Lọ́jọ́ Ẹtì tó parí, SPY kọjá sábẹ́ púùtù tí mo tà, ṣùgbọ́n kò dé èyí tí mo rà. Àárín méjèèjì ló kú sí. Mo ní àdánù mi kò pọ̀, kí n kúkú jẹ́ kó parí fúnra rẹ̀ kí n má san kọmíṣọ̀n mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo bá ṣíà 100 nínú àkáǹtì mi. Owó tó ju dọ́là 40,000 lọ ni wọ́n fi rà wọ́n fún mi, nínú àkáǹtì tí kò ní ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Púùtù tí mo rà láti fi ṣe ìyẹ́ ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí mọ́. Ọjọ́ Ajé tí ọjà ṣí, ó ṣí sísàlẹ̀, búrókà sì ta gbogbo ṣíà náà kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Ohun tí mo pàdánù ju èyí tí ẹ kọ sí ìwé yẹn lọ.

Bàbá Délítà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ohun tí wọ́n sọ yìí kan ọ̀rọ̀ fífẹ̀ ìyẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, ẹ sì má fojú fò ó. Bí ìyẹ́ bá ṣe fẹ̀ tó ni ilẹ̀ tí èyí ti lè ṣẹlẹ̀ ṣe ń fẹ̀. Láàárín 470 sí 460, púùtù tí o tà máa di ṣíà, èyí tí o rà máa kú lófo. Ìyẹ́ dọ́là 10 ní ìlọ́po méjì irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún mi níbẹ̀: bí iye SPY bá wà nítòsí sítíráíkì tí mo tà lọ́jọ́ ìparí, mo máa ń pa á dé kí ọjà tó ti, bó ti wù kó wọ́n tó. Kódà bó bá parí sí 470.20 pàápàá, ẹ̀mí ò balẹ̀. Ẹni tó ra púùtù náà ṣì láyè di agogo 5:30 ìrọ̀lẹ́ ní aago New York láti sọ pé òun fẹ́ lò ó, SPY sì ṣì ń lọ sókè-sódò lẹ́yìn tí ọjà ti.

Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà ṣíà rárá, ẹ wo XSP. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti SPY, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀, kò sí ṣíà tí ẹnikẹ́ni máa gbé wá bá yín, kò sì sẹ́ni tó lè lò ó ṣáájú ọjọ́ ìparí. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tó ń rà tó ń tà níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti SPY, àlàfo iye owó rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ jù.

Ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀lù náà ní tirẹ̀. SPY máa ń pín èrè orí ṣíà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Bí kọ́ọ̀lù tí o tà bá ti wọnú, tí owó àkókò tó kù lára rẹ̀ sì kéré sí èrè tí wọ́n fẹ́ pín, retí pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹni tó bá ra ṣíà kò ní rí èrè náà gbà mọ́.

Akínpẹ̀lú

Gbogbo yín ń ṣe ìṣirò ọjọ́ ìparí, mélòó nínú yín ló ń dúró dìgbà náà? Èmi máa ń pa á dé nígbà tí mo bá ti jẹ ìdajì owó tó wọlé. Títílọlá bá ṣí ti 2.30, kó rà á padà ní 1.15. Bó bá ti pa á dé báyẹn, ìyà Ìyá Ìbejì yẹn kò ní kàn án.

Ohun kejì: kò sófin tó ní ìyẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọjà máa ń já wálẹ̀ kíákíá ju bó ṣe ń gòkè lọ. Jẹ́ kí ti púùtù fẹ̀ tó dọ́là 10, kí ti kọ́ọ̀lù jẹ́ dọ́là 5. Ní iye tí o kọ, 1.85 ló yẹ kó wọlé.

Kí o sì tó ta ohunkóhun, fi púùtù 500 àti kọ́ọ̀lù 500 kún ara wọn. Bí àpapọ̀ wọn bá jẹ́ nǹkan bíi 22, ọjà ń retí kí SPY wà ní nǹkan bí 478 sí 522. Àwọn sítíráíkì tí o mú wà lóde ibẹ̀, ó dáa. Bí o bá rí i pé wọ́n wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé o sún mọ́ ọn jù.

Títílọlá_Ọjà

Mo ti ṣe ìṣirò ti ìyẹ́ tí kò dọ́gba yẹn, Akínpẹ̀lú. Bí 1.85 bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ púùtù lè jẹ mí ní 815. Ó kọjá 800 tí mo ní. Ààlà rẹ̀ náà, 468.15 sí 526.85, kò tó ti ìyẹ́ dọ́là 10 méjèèjì.

Akínpẹ̀lú

Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ jù ni búrókà máa fi wọ̀n ọ́. Ohun tí o rí gbà níbẹ̀ ni pé òkè kò lè jẹ ọ́ ju 315 lọ. Tí ìyẹn kò bá jẹ ọ́ lógún, fi sílẹ̀.

Ọmọ_Ìṣirò

Èmi ò tíì gbà tán o. Ìgbà tí mo bá rí ọjà tó kọjá 470, ó máa ń kọjá 460 náà ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àárín tí ẹ̀gbọ́n ń yìn yẹn kò wúlò, dọ́là 30 mi ló máa ṣẹ́kù.

Bàbá Délítà

Ìyẹn ni a kò lè fi ìṣirò yanjú, nítorí ó dá lórí bí ọjà ṣe máa já. Bó bá jẹ́ pé òru ọjọ́ kan ló já kọjá 460, o gbayì. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àárín yẹn ni wàá bá ara rẹ, ìyẹ́ fífẹ̀ á sì fún ọ láyè láti pa á dé kó tó run tán. Ohun tí iye owó ń sọ ni pé ààyè wà fún méjèèjì: ọjà fi 14 nínú 100 sí i pé SPY máa parí sábẹ́ ìdajì àárín 470 sí 465, ó fi 11 sí i pé ó máa parí sábẹ́ ìdajì àárín 465 sí 460. Bó bá dájú pé ẹni tó kọjá 470 máa kọjá 460, 14 àti 11 yẹn ì bá dọ́gba.

Títílọlá_Ọjà

Mo ti ṣí i. Ẹyọ kan, ìyẹ́ dọ́là 10. Wọn ò fún mi ní 2.30 o, ní àárín iye méjèèjì ni mo gbé e sí, kò sẹ́ni tó dáhùn, mo ń dín in ní sẹ́ǹtì 2-2 títí ó fi wọlé ní 2.22. Nítorí náà ààlà mi ti di 467.78 sí 527.22, àdánù mi kò sì lè ju 778 lọ. Mo ti kọ àṣẹ sílẹ̀ kí wọ́n rà á padà bó bá dé 1.11.

Ohun kan ló kù: bí SPY bá lọ ń sún mọ́ 470, ṣé kí n gbé ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀lù wálẹ̀ kí owó míì lè wọlé, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Akínpẹ̀lú

Gbé e wálẹ̀. Owó tó bá wọlé níbẹ̀ máa tún sún ààlà ìsàlẹ̀ síta.

Bàbá Délítà

Ó máa sún ti ìsàlẹ̀ síta, ó sì máa fa ti òkè wọlé. Bí SPY bá wá padà gòkè kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìjákulẹ̀, ibi tí o gbé kọ́ọ̀lù wá ló máa ti bá ọ. Èmi kì í gbé e bí ọjọ́ tó kù kò bá tó 21.